Dọ́mínáǹtì àyálò: bí ẹ ṣe lè fi í sínú orin ìjọ láì ṣí kúrò ní kíì

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn onídùùrù àtàwọn tó ń kọ́ ẹgbẹ́ akọrin: "Mo mọ I, IV àti V dáadáa. Àmọ́ mo gbọ́ tí onídùùrù kan fi *fe* tàbí *se* sáàárín orin tí gbogbo wa mọ̀, orin náà gba àwọ̀ mìíràn, síbẹ̀ kíì kò yí. Kí ló ṣe?" Ohun tó ṣe ni àwọn olórin ń pè ní sẹ́kọ́ńdírì dọ́mínáǹtì. Dọ́mínáǹtì àyálò ni n ó máa pè é níbí, torí inú kíì mìíràn la ti yá a, ojú ẹsẹ̀ la sì ń dá a padà.

Sọ́fà ni n ó fi ṣàlàyé, nítorí òun ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ akọrin, kíì yòówù kí ẹ fi orin sí. Ohùn tí a ó fi ṣiṣẹ́ ni èyí tí ìwé orin ń pè ní Old 100th. Ìwé Sáàmù tí wọ́n tẹ̀ ní Jẹ̀nífà lọ́dún 1551 ló ti jáde, nítorí náà kò sí ẹni tí ẹ ó tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó tún ohùn abẹ́ rẹ̀ kọ. Bí ọ̀pọ̀ ìwé ṣe pín in rèé:

```
1:  d | d t l s | d r m
2:  m | m m r d | f m r
3:  d | r m r d | l t d
4:  s | m d r f | m r d
```

Nínú gbólóhùn kìíní, *t l s* wà nísàlẹ̀ *d* tó bẹ̀rẹ̀ orin. Nínú ìkẹta, *l t* náà wà nísàlẹ̀. Nóòtì kan ló máa ń ṣáájú ilà báà nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Bíìtì fífúyẹ́ ni nóòtì yẹn bọ́ sí, èyí tó tẹ̀lé e ló wúwo. Ẹ fi í sọ́kàn, a ó lò ó láìpẹ́.

## Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ohùn orin náà, tí ẹ kọ sílẹ̀ ní sọ́fà tàbí lórí ilà márùn-ún, pẹ̀lú ilà báà.
- Ohùn mẹ́rin lásán fún un, tó ń lo I, ii, IV, V àti vi nìkan, tí kò sì ní àbùkù.
- Dùùrù tàbí kíbọ́ọ̀dù tí ẹ lè fi gbọ́ ohùn méjì péré lẹ́ẹ̀kan.
- Lẹ́ẹ̀dì àti írésà. Ẹ máa pa nǹkan rẹ́.

Bí ohùn mẹ́rin lásán yẹn kò bá tíì dúró dáadáa, ẹ má tíì fọwọ́ kan *fe* tàbí *se*. Báàsì tó ti ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀ á túbọ̀ hàn síta ni.

## Iṣẹ́ tí kọ́ọ̀dù yìí ń ṣe

Nínú kíì yòówù, V ló ń fà wá padà sí I. Ohun tó ń fà gan-an ni *t*, tó jẹ́ pé ìdajì ìgbésẹ̀ péré ló fi jìnnà sí *d*. Bí a bá wá fẹ́ kí kọ́ọ̀dù mìíràn, bíi vi, dún bí ilé fún bíìtì kan, a ó wá nóòtì tí yóò ṣe fún *l* ohun tí *t* ń ṣe fún *d*. Nóòtì náà ni *se*, torí ìdajì ìgbésẹ̀ ló wà láàárín *se* àti *l*. Kọ́ọ̀dù tí *se* ń gbé inú rẹ̀ ni *m se t*. Bẹ́ẹ̀ la ṣe rí gbogbo àwọn tó kù:

```
V/V     r fe l (d)   →   s t r
V/vi    m se t (r)   →   l d m
V/ii    l de m (s)   →   r f l
V/IV    d m s ta     →   f l d
V/iii   t re fe (l)  →   m s t
```

Lẹ́tà tó wà lẹ́yìn ìlà wíwọ́ ni kọ́ọ̀dù tí à ń lọ bá. Kíkà rẹ̀ kò le: "márùn-ún ti mẹ́fà", "márùn-ún ti márùn-ún". Nóòtì inú àkámọ́ ni sẹ́fẹ́ǹtì, ẹ lè fi í sí i, ẹ sì lè yọ ọ́. V/IV nìkan ni ẹ kò ti lè yọ sẹ́fẹ́ǹtì, torí bí *ta* bá kúrò, I lásán ló ṣẹ́ kù, kò sí ohun tó ń fà wá lọ síbì kankan.

Kọ́ọ̀dù orí *t* kò sí nínú àtẹ náà. Kọ́ọ̀dù tó fún pọ̀ ni *t r f*, kì í ṣe méjọ̀, kì í ṣe máínọ̀, kò sì sí bí a ṣe lè sọ ọ́ di ilé. V/iii náà ṣọ̀wọ́n nínú orin ìjọ nítorí nóòtì àjèjì méjì, ìyẹn nóòtì tí kò sí nínú kíì, ló ń gbé wá lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá ń bẹ̀rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Ní kíì G, *fe* ni C ṣáàpù, *se* ni D ṣáàpù, *de* ni G ṣáàpù, *ta* sì ni F funfun tí kò ní ṣáàpù.

## Ìgbésẹ̀ tí ẹ ó tẹ̀ lé

1. Ẹ yan ibi tí ẹ ń lọ kí ẹ tó yan ohun tí ẹ máa gbà lọ. Ẹ wo ohùn mẹ́rin lásán tí ẹ ti kọ, kí ẹ sàmì sí kọ́ọ̀dù ii, IV, V tàbí vi tó bọ́ sórí bíìtì tó wúwo tàbí sí ìparí gbólóhùn. Ibẹ̀ ni kọ́ọ̀dù ti lè dún bí ilé. Èyí tó kàn ń kọjá lọ kò tó o ṣe.

2. Ẹ wo nóòtì orin tó ṣáájú rẹ̀. Ṣé ó wà nínú dọ́mínáǹtì kọ́ọ̀dù yẹn, gẹ́gẹ́ bí àtẹ ṣe fi hàn? Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ohùn orin kò ní yí nítorí tiwa; ìjọ ló ni ín.

3. Bí nóòtì orin náà bá jẹ́ sẹ́fẹ́ǹtì, ẹ wo ibi tó ń lọ. Sẹ́fẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kan. Bí ohùn orin bá gòkè láti orí rẹ̀, kò gbà.

4. Ẹ fún ohùn kan ní nóòtì àjèjì. Ohùn tó dára jù ni èyí tó ti ń kọ nóòtì náà lásán tẹ́lẹ̀. Ẹni tó wà lórí *s* ni kó kọ *se*. Ẹni tó wà lórí *f* ni kó kọ *fe*. Bí kò bá sí ohùn kankan lórí nóòtì lásán yẹn, ẹ fún ohùn tó lè dé ibẹ̀ láì fò jìnnà.

5. Ẹ sìn ín délé. *Fe* ń gòkè sí *s*, *se* ń gòkè sí *l*, *de* ń gòkè sí *r*. *Ta* nìkan ló ń sọ̀ kalẹ̀, sí *l*.

6. Ẹ pa nóòtì àjèjì náà rẹ́ kíá. Láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí *s* lásán tàbí *f* lásán padà dún. Òun ló ń sọ fún etí pé a kò kúrò nílé.

7. Ẹ tẹ báàsì àti ohùn tó ní nóòtì àjèjì nìkan. Bí méjèèjì bá dùn láì sí àwọn yòókù, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

## Ká ṣe é: gbólóhùn kejì, V/vi

Gbólóhùn kejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú *m* mẹ́ta lórí ara wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni *m* ni gbólóhùn kìíní fi parí. Bí a bá fi I sábẹ́ gbogbo wọn, kọ́ọ̀dù kan náà la ó gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin tẹ̀léra. Ohùn orin kò lọ sí ibì kankan, báàsì náà kò lọ. Ibi tí dọ́mínáǹtì àyálò ti wúlò jù lọ rèé: ibi tí ohùn orin bá dúró lójú kan, abẹ́ rẹ̀ lè rìn.

*M* wà nínú I, ó wà nínú vi, ó sì wà nínú V/vi. Nítorí náà a lè yan èyí tó bá wù wá fún *m* kọ̀ọ̀kan. Èwo ni yóò jẹ́ vi? Èyí tó wúwo, ìyẹn *m* kejì, tó bẹ̀rẹ̀ báà. A jẹ́ pé *m* kìíní, tó fúyẹ́, ni a ó fi V/vi sí, kó lè fà wá bọ́ sórí èyí tó wúwo. *M* kẹta á wá padà sí I.

```
S:   m  | m  m  r  d  | f  m  r
A:   t  | d  d  t  s  | d  d  t
T:   se | l  s  s  m  | f  s  s
B:   m  | l  d  s  d  | l  s  s
```

Ọ̀nà tí báàsì ń gbà: ó ti orí *d* tó parí gbólóhùn kìíní gòkè sí *m*, ó sọ̀ kalẹ̀ sí *l*, ó gòkè padà sí *d*, ó sọ̀ sí *s*, ó gòkè sí *d*, ó sì bọ́ sí *l* àti *s*. Ní kíì G, G tó wà nísàlẹ̀ C àárín dùùrù ni *d* yẹn, *m* sì ni B tó wà lókè rẹ̀, kò ga jù fún ẹnikẹ́ni.

Ní báyìí, ẹ wo tẹ́nọ̀. Ẹ rí i dájú pé nígbà tí gbólóhùn kìíní parí, tẹ́nọ̀ ló wà lórí *s*, áltò sì wà lórí *d*. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí tẹ́nọ̀ máa kọ ni *s, se, l, s*: ó rọra gòkè, ó dé *l*, ó sì padà síbi tó ti kúrò. Ẹni tí kò mọ ohunkóhun nípa kọ́ọ̀dù lè kọ ọ́ lẹ́yìn tó bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Áltò ń ṣe *d, t, d, d*, òun náà kò ní ìṣòro.

*S* lásán tó padà wá nínú tẹ́nọ̀ lórí *m* kẹta ni ohun tí ìgbésẹ̀ kẹfà ń sọ. Bí ẹ bá tún fi *se* síbẹ̀, tí ẹ sì tún lọ sí vi, ẹ ti wọ máínọ̀ nìyẹn. Ìyípadà kíì ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì nílò ọ̀nà gidi láti padà wálé.

Kí ló dé tí a kò fi V/vi sórí *m* kejì, ká wá fi vi sórí ìkẹta? Ọ̀pọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbìyànjú bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́, bíìtì á dojú dé: èyí tó ń fà á wúwo ju ibi tó ń fà wá lọ. Nínú orin tó lọ́ra bí èyí, etí lè fara dà á. Ìkejì ni kò ní àforíjì. Nóòtì tó tẹ̀ lé *m* kẹta ni *r*, tó ń bèèrè V. Bí vi bá wà lábẹ́ *m*, tí V sì wà lábẹ́ *r*, sópránò ń lọ láti *m* sí *r*, báàsì ń lọ láti *l* sí *s*. Fífìtì ni *l* sí *m*, fífìtì ni *s* sí *r*. Fífìtì méjì ń tẹ̀ léra wọn láàárín ohùn òkè pátápátá àti ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá, ibi tí wọ́n ti ń hàn síta jù. Ẹ lè gbé *l* kúrò nínú báàsì, kí ẹ gbé e fún tẹ́nọ̀, àmọ́ bí tẹ́nọ̀ bá tún lọ sí *s*, ibì kan náà ló já sí. Nígbà tí a bá fi vi sórí *m* kejì, I dúró láàárín, wàhálà yẹn kò sì wáyé rárá.

### Àfikún kékeré kan: *ta* nínú báàsì

Nínú gbólóhùn kan náà, *d* tó gbẹ̀yìn báà ń lọ sí *f*, tó wúwo, tí IV sì wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú *l* nínú báàsì. Ẹ wo báàsì: *d* sí *l*. Bí ẹ bá pín bíìtì *d* yẹn sí méjì, kí báàsì kọ *d* ní ìdajì kìíní àti *ta* ní ìdajì kejì, á rọra sọ̀ kalẹ̀ bọ́ sí *l*: *d, ta, l, s*. V/IV ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn pẹ̀lú nóòtì kan ṣoṣo, láì yí ohùn mẹ́ta tó kù padà. 

Mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ èmi kì í lò ó pẹ̀lú V/vi nínú gbólóhùn kan náà bí kò bá ṣe ẹsẹ tó kẹ́yìn. Ọ̀kan nínú gbólóhùn kan ti tó. Nínú orin onígbólóhùn mẹ́rin, méjì ti pọ̀ tó.

## Ìparí gbólóhùn kẹta, V/V

Nóòtì mẹ́rin tó parí gbólóhùn kẹta ni *d l t d*. *T* ń bèèrè V, *l* tó ṣáájú rẹ̀ sì wà nínú *r fe l*. Ó gbà. A ó fi *fe* sínú báàsì, torí pé ibẹ̀ ni fífà rẹ̀ ti lágbára jù:

```
S:   d  | l   t  d
A:   l  | l   s  s
T:   m  | r   r  m
B:   l  | fe  s  d
```

Báàsì sọ̀ kalẹ̀ láti *l* sí *fe*, ó gòkè ìdajì ìgbésẹ̀ sí *s*, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí *d*. Lórí *l* ìkejì, sópránò àti áltò pàdé lórí nóòtì kan náà, wọ́n sì yà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Bí áltò bá fẹ́ tẹ̀ lé sópránò sí *t*, ẹ dá a dúró. *S* ni tirẹ̀.

Níhìn-ín V/V bọ́ sórí bíìtì tó wúwo, tí V wà lórí èyí tó tẹ̀ lé e, tó fúyẹ́. Mo gbà á nítorí pé V kì í ṣe òpin ìrìn náà. *Fe* fà wá sí V, V fà wá sí I, I ló gba ibi ìsinmi. Ìfà méjì tẹ̀léra ló ń mú kí ìparí náà dún bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ.

Ta ló máa pa *fe* rẹ́? Ohùn orin fúnra rẹ̀ ni. *F* lásán wà nínú gbólóhùn kẹrin, *s m d r f*, ìjọ ló sì máa kọ ọ́. Kò sí iṣẹ́ kankan fún yín níbẹ̀.

## Ibi tí kò gbà nínú orin yìí

Èyí ṣe pàtàkì ju ibi tó gbà lọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń fi agídí ti *fe* wọlé.

Ìparí gbólóhùn kejì, *f m r*. Gbólóhùn náà parí sórí V, gbogbo ìwé sì ń sọ pé ibi tí gbólóhùn bá ti parí sórí V ni V/V yẹ. Lóòótọ́ ni, àmọ́ ẹ wo nóòtì tó ṣáájú: *m* ni. *M* kò sí nínú *r fe l d*. Bí ẹ bá fi *fe* sábẹ́ rẹ̀, *m* á dúró bí àlejò láàárín wọn, ìjọ tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ *f* lásán á gbọ́ *fe* lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi ìparí náà sílẹ̀ bó ṣe wà lókè, *m* lórí báàsì *s*, *r* lórí *s*. Ó tó.

Ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kẹta, *d r*. Ó dà bíi pé *d* lè jẹ́ sẹ́fẹ́ǹtì nínú *r fe l d*, kí *r* sì wà lórí V. Ṣùgbọ́n *d* yẹn yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ sí *t*. Ohùn orin sì gòkè sí *r*. Ìgbésẹ̀ kẹta ti dáhùn.

Àárín gbólóhùn kẹrin, *d r*. Ẹni tó bá ń wá V/ii á rí *r*, inú rẹ̀ á sì dùn pé ii lè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n *de* ni V/ii nílò, *d* lásán sì ni ìjọ ń kọ ní àkókò yẹn gan-an. *D* àti *de* lẹ́ẹ̀kan náà kì í ṣe dọ́mínáǹtì, ariwo ni.

Ìbẹ̀rẹ̀ orin, *d t l*. Èyí gbà ní ti òfin: *t* wà nínú *m se t*, *l* wà nínú vi. Síbẹ̀ mi ò ní lò ó. Nóòtì kẹta orin rèé, etí ìjọ kò tíì mọ ibi tí ilé wà. Ẹ jẹ́ kí I àti V fìdí kíì múlẹ̀ nínú gbólóhùn kìíní ná.

## Àṣìṣe tó máa ń wáyé, àti bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀

Nóòtì lásán nínú ohùn kan, àjèjì rẹ̀ nínú òmíràn. Ká ní ní ìparí gbólóhùn kẹta ẹ fi IV sábẹ́ *d* dípò vi, tẹ́nọ̀ wà lórí *f*, báàsì sì bọ́ sí *fe* lórí kọ́ọ̀dù tó tẹ̀ lé e. Tẹ́nọ̀ ti kọ *f*, báàsì wá kọ *fe*. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé akọrin máa rò pé ẹnì kan ti ṣì í. Àwọn tẹ́nọ̀ á wo báàsì, báàsì á wo tẹ́nọ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí báàsì fúnra rẹ̀ kọ *f* yẹn kó tó gòkè sí *fe*, kí tẹ́nọ̀ sì wà lórí *d*. Nígbà náà, *f, fe, s* á rìn nínú ohùn kan ṣoṣo.

Irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ láàárín gbólóhùn méjì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ wo ẹni tó mú *s* ní òpin gbólóhùn kìíní. Bí áltò ló mú un, tí tẹ́nọ̀ wá kọ *se*, ìsinmi kékeré tó wà láàárín kò tó láti bò ó.

Ohùn méjì lórí nóòtì àjèjì kan náà. Bí *se* bá wà nínú tẹ́nọ̀ àti báàsì, méjèèjì á fẹ́ gòkè sí *l*, ọ̀kítéfù méjì á tẹ̀ léra. Bí ọ̀kan bá sì yà síbòmíràn, fífà náà ti dínkù. Nóòtì àjèjì kì í ní ẹlẹ́gbẹ́. Ẹ fi ìdí kọ́ọ̀dù náà ṣe méjì, bí *m* ṣe jẹ́ méjì nínú *m se t* tí a kọ lókè.

Nóòtì àjèjì tí kò délé. Àwọn áltò máa ń fẹ́ padà láti *fe* sí *f*, torí *f* ló mọ́ wọn lára. Bí ẹ bá gbọ́ pé V kò ní *s* tó mọ́, tàbí pé kọ́ọ̀dù náà ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tó yẹ kó gòkè, ibẹ̀ ni kí ẹ wò.

Kọ́ọ̀dù tí kò bá bí orin ṣe ń yára mu. Old 100th gba kọ́ọ̀dù lórí bíìtì kọ̀ọ̀kan nítorí pé ó ń rìn bí àgbà. Bí orin bá ń sáré, tí kọ́ọ̀dù kan sì ń gba odindi báà, dọ́mínáǹtì àyálò yẹ kó gba odindi báà tàbí ìdajì rẹ̀. Bíìtì kan ṣoṣo á kàn kọjá bí àṣìtẹ̀.

Kí ẹ tó fún ẹgbẹ́ akọrin ní ìwé:

- Ṣé nóòtì orin wà nínú kọ́ọ̀dù àyálò náà?
- Ṣé nóòtì àjèjì wà nínú ohùn kan ṣoṣo?
- Ṣé ohùn kan náà ló mú nóòtì lásán tó ṣáájú rẹ̀?
- Ṣé ó gòkè ìdajì ìgbésẹ̀, tàbí, bó bá jẹ́ *ta*, ṣé ó sọ̀ kalẹ̀?
- Ṣé nóòtì lásán padà dún láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀?

## Bí ìjọ bá ní ìwé sọ́fà lọ́wọ́

Ní ọ̀pọ̀ ìjọ wa, kì í ṣe ẹgbẹ́ akọrin nìkan ló ń kọ ohùn mẹ́rin. Bàbá tó jókòó lẹ́yìn ti ń kọ báàsì orin yìí láti ìgbà tí ẹ kò tíì mọ dùùrù tẹ̀, ìyá tó wà lápá ọ̀tún sì mọ áltò rẹ̀ lórí. Bí ẹ bá ń tẹ *se* nígbà tí wọ́n ń kọ *s* tó wà nínú ìwé wọn, ẹ̀yin lẹ ṣi orin kọ, kì í ṣe àwọn.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èkíní ni kí ẹ fi kọ́ọ̀dù inú ìwé sílẹ̀ fún gbogbo ẹsẹ, kí ẹ wá lo tiyín fún ẹsẹ tó kẹ́yìn nìkan, lẹ́yìn tí olórí akọrin ti kéde pé ohùn kan ṣoṣo ni gbogbo ìjọ máa fi kọ ọ́. Èyí ni mo fara mọ́ jù. Ohùn orin á nípọn lókè, abẹ́ rẹ̀ á sì wà lọ́wọ́ yín pátápátá. Ọ̀nà kejì ni kí ẹgbẹ́ akọrin nìkan kọ ẹsẹ kan láàárín, pẹ̀lú ohùn mẹ́rin tuntun tí wọ́n ti kọ́ níjọ́ ìdánrawò. Ẹ̀kẹta, tó rọrùn jù, ni kí ẹ lo *ta* inú báàsì nìkan. Nítorí pé ìdajì bíìtì ló gbà, tí kò sì yí ohùn yòókù padà, ó lè wọlé láì bá ẹnikẹ́ni jà àyàfi bàbá tó ń kọ báàsì, òun náà á sì mọ̀ ọ́n ní ẹsẹ kejì.

Bí ẹ bá ń kọ́ akọrin ní *se* tàbí *fe* nígbà àkọ́kọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí kọ́ọ̀dù. Ẹ jẹ́ kí tẹ́nọ̀ kọ *s, se, l, s* láìsí dùùrù títí ìdajì ìgbésẹ̀ méjèèjì á fi mọ́, kí báàsì wá dara pọ̀ mọ́ wọn pẹ̀lú *d, m, l, d*. Sópránò ló máa wọlé kẹ́yìn. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ gbọ́ *m* sópránò, *s* lásán ni etí wọn máa wá, *se* á sì máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi ní í jẹ́ *s*, tí kò sì ní í jẹ́ *se*.

## Àwọn orin tó dára kí ẹ má fi èyí kàn

Ọ̀pọ̀ orin ìbílẹ̀ tí a ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wà lórí nóòtì márùn-ún, *d r m s l*. Kò sí *f* níbẹ̀, kò sí *t*. Nóòtì tó ń fi ìdajì ìgbésẹ̀ fà kò sí nínú ohùn náà rárá, nítorí náà nígbà tí ẹ bá fi *fe* tàbí *se* sábẹ́ rẹ̀, ohun tí ohùn náà kò bèèrè lẹ ń gbé fún un. Kì í ṣe pé òfin kan kọ̀ ọ́. Ẹ lè rí V/vi kan tó bá a mu ní ìparí gbólóhùn tó bọ́ sórí *l*. Ṣùgbọ́n níbi tí onílù bá ti ń gbé orin náà, báàsì tó ń rìn láàárín *d*, *s* àti *l* ló sábà máa ń gbè é jù, ẹ jẹ́ kí *fe* dúró de orin tó ní *f*.